Ìgbín Tó Kí Òkùnkùn Káàbọ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe àga onítìmùtìmù. Kòsọ̀rọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, orúkọ náà sì ro ó. Bí o bá gbé àga tó ti rún lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò wò ó lókè, yóò wò ó nísàlẹ̀, yóò ní, "Ó dáa." Ó parí nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ lo bá ń wá, kí o sọdá sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, ìyẹn á ti fi ẹnu fá ẹ lórí tán kó tó mú abẹ. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ẹni tí ò bá rojọ́ ò mọ nǹkan kan, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Ìtàn kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n sọ láyé ẹ̀, òun ló sì fi tún ilé ẹ̀ ṣe.

Ìyàwó ẹ̀ jẹ́ agbẹ̀bí nílé ìwòsàn. Ọwọ́ obìnrin náà tutù débi pé àwọn aboyún máa ń béèrè bóyá òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó gbà láti wọlé. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ di olórí àwọn agbẹ̀bí tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Nígbà tí àyè ọ̀hún wá ṣí sílẹ̀, ọ̀gá wọn ní kó kọ́kọ́ ṣe é wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó bá di Fúráìdè tó gbẹ̀yìn, kó wá sọ bóyá òun gbà á tàbí òun ò gbà á. Lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ, ó jó wọlé ni. Kòsọ̀rọ̀ wò ó títí, ó ní, "Ó tọ́ sí ẹ." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Fún Kòsọ̀rọ̀, ìwàásù nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ọmọ wọn. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́rin, Alága ni wọ́n ń pè é, torí pé kò sí àga tí bàbá ẹ̀ ṣe tán tí òun ò ní kọ́kọ́ jókòó sí, kó ká apá mọ́yà, kó wá sọ bóyá ó dáa. Alága ò bẹ̀rù ajá. Kò bẹ̀rù abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì. Òkùnkùn ló ń bà á lẹ́rù. Nígbà tí màmá ẹ̀ ń sùn sílé, ọwọ́ màmá ló máa ń dì mú títí oorun fi máa gbé e lọ. Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́, ọwọ́ ò sí mọ́, igbe dé.

Igbe alẹ́ nìkan kọ́. Tí agbẹ̀bí bá dé láàárọ̀, ojú ẹ̀ á ti pọ́n, á fa kọ́tìnì pé kí òun sùn díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ kékeré kan á wọlé, ṣàà, kọ́tìnì á ṣí sílẹ̀. "Màmá, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú níbí." Oòrùn á da gbogbo ojú iyàrá. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Àwọn méjèèjì ò sùn lóòótọ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, agbẹ̀bí jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bọ́ bàtà ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ó ní, "Bàbá Alága, ẹ wò ó, mi ò lè fi ojú tó ń ṣú gbẹ̀bí. Ẹ̀mí èèyàn ni. Tí nǹkan ò bá yí padà títí Fúráìdè, máa sọ fún wọn pé mi ò gbà á."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò dùn. Kòsọ̀rọ̀ mọ̀ pé ó dùn ún wọra. Ó dun òun náà. Ó rò ó nínú ara ẹ̀ pé òun tí òun ń fún gbogbo àdúgbò ní ibi tí wọ́n ti ń sinmi, òun ò wá lè fún àwọn ará ilé òun ní oorun.

Ìtàn ló kọ́kọ́ yá lò, bí gbogbo bàbá. Ó sọ ti ọlọ́dẹ kan tó wọ igbó lálẹ́ tó pàdé iwin olórí mẹ́fà. Ọlọ́dẹ ṣẹ́gun, ó gé gbogbo orí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ò mọ ẹni tó ní ká máa fi orí gígé rọ ọmọ lóorun. Alága gbọ́ ọ parí, ojú ẹ̀ là kedere, ó ní, "Níbo ló kó àwọn orí náà sí?"  Títí ilẹ̀ fi mọ́, Alága ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kejì, Kòsọ̀rọ̀ ní kí òun fi òtítọ́ ṣe é. "Kò sí nǹkan kan nínú òkùnkùn."

Ọmọ náà ronú sí i. Ó ní, "Tí kò bá sí nǹkan kan, kí ló dé tí ẹ̀yin náà fi ń tan iná?"

Bàbá wá fi iná orí tábìlì sílẹ̀ ní títàn. Ìyẹn burú jù. Aṣọ tó wà lórí ìkọ́ di èèyàn lára ògiri, ẹsẹ̀ àga di ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Iná kékeré ló ń bí òjìji ńlá, ọmọ náà sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ó ń fi sáńdípépà ra apá àga kan, ó wá rántí pé òun kì í ran tìmùtìmù láì tíì wọn ìdí ẹni tó máa jókòó. Ẹni tó ga, o ò lè ṣe ti kúkúrú fún un. Ó ti ń sọ ìtàn fún ọmọ láti ọjọ́ yìí wá, kò tíì bi í pé kí ló ń dùn ún. Nígbà tí Alága ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ ẹ̀ dé, tó gun àga tuntun, bàbá ẹ̀ lóṣòó níwájú ẹ̀.

"Alága, kí ló wà nínú òkùnkùn?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ṣebí ìyẹn náà dáa?"

Ọmọ mi orí. "Kò dáa. Kò sẹ́ni tèmi níbẹ̀."

Kòsọ̀rọ̀ dìde. Ó ti rí ibi tó ń dùn. Kì í ṣe iwin ló ń ba ọmọ yìí lẹ́rù, òfìfo ni. Ojúlé kan wà tí wọ́n ń tì í wọ̀ lálaalẹ́, kò sì sí ojúlùmọ̀ kankan níbẹ̀. Ohun tí ìtàn gbọ́dọ̀ ṣe ò ju kó fún un ní ojúlùmọ̀ kan lọ, ẹni tí òkùnkùn dùn mọ́, tí kò ní í ṣe é ní nǹkan kan.

Ta wá ni? Òwìwí ń ké lójijì. Àdán ń fò já lu èèyàn. Èkúté ń jẹ aṣọ àga, òun náà ò sì lè fẹnu ara ẹ̀ yin èkúté. Nígbà tó ń ti ṣọ́ọ̀bù, ó rí ìlà kan tó ń dán lórí àtẹ̀gùn, ó ti ẹnu ìkòkò òdòdó aládùúgbò wá, ó kọjá létí ilẹ̀kùn, ó padà síbi tó ti wá. Ìgbín ti kọjá níbẹ̀ lóru, kò ṣe ariwo, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ, kò sì kánjú. Kòsọ̀rọ̀ fọwọ́ pa irùngbọ̀n ẹ̀. Ó ní, "Ó dáa."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ ti ìgbín. Ìtàn náà kúrú, kò sí ọ̀tá níbẹ̀, kò sí ìjà. Alága sinmi díẹ̀, ó tiẹ̀ yán. Ló bá tún la ojú. "Níbo ló wà?"

"Ó máa ń wá sójú fèrèsé wa."

"Mi ò rí i."

"Ó máa fi ipa ẹ̀ sílẹ̀. Wàá rí i láàárọ̀."

Ẹ ò rí i pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tó bá bẹ̀rẹ̀, ó lè sọ àsọdùn. Ilẹ̀ mọ́, ìgbín ò wá. Kí ló fẹ́ wá ṣe lójú fèrèsé gbígbẹ tí kò sí ewé? Kòsọ̀rọ̀ wo fèrèsé, ó wo ọmọ tó ṣì ń sùn, ó yọ́ lọ mú gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ aṣọ àga. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún láti igun kan dé èkejì. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ kọ́lọkọ̀lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Ti Kòsọ̀rọ̀ ò pẹ́ tó àkókò tí ọmọ fi ń bọ́jú. Alága sáré débẹ̀, inú ẹ̀ ń dùn, ó fi ìka kan ìlà náà. Ìka lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e símú.

Ó ní, "Bàbá, ìgbín ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù yín."

 Ọmọ náà wo ojú bàbá ẹ̀ pẹ́, ó nu ìka ẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ní, "Kò sẹ́ni tó wá." Kò ké. Ìbá tiẹ̀ sàn kó ké. Alẹ́ ló tó ké, ó sì ké débi pé Màmá Olódòdó, arúgbó tó ń ta òdòdó nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, tó tún ń gbé yàrá kejì sí tiwọn, kan ògiri láti béèrè bóyá eyín ló ń dun ọmọ. Nígbà tí agbẹ̀bí dé láàárọ̀, ó bọ́ bàtà ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kọ́tìnì ṣíṣí, ó dijú, oòrùn ń tàn sí i lójú. Ọjọ́rú ni.

Ojú ti Kòsọ̀rọ̀. Ó gbé Alága jókòó sórí àga, ó kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba, ó ní, "Èmi ni mo kun gọ́ọ̀mù. Irọ́ ni mo pa. Má bínú sí mi."

"Ṣé kò sí ìgbín ni?"

"Ìgbín wà. Òun ni mo fẹ́ lọ wá."

Màmá Olódòdó fọwọ́ lu àyà nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. "Ìgbín? Ṣé olè tó ń jẹ gbogbo ọ̀mùnú mi? Kòsọ̀rọ̀, tó o bá lè kó gbogbo wọn, máa fi ìkòkò ṣe ènì fún ẹ." Ó yí ìkòkò kan ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbín kan lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, ó tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé. Ó gbé e lé Alága lọ́wọ́. Ìgbín ti wọlé, ó fi ìfófòó gbígbẹ kan bo ẹnu ọ̀nà.

Alága ní, "Ó ti kú."

"Kò kú, ìyá mi. Ó tilẹ̀kùn ni. Omi ló pọ̀ lára ẹ̀, oòrùn á fà á gbẹ. Ìdí nìyẹn tó fi ń sùn lọ́sàn-án. Òkùnkùn tutù fún un, òkùnkùn ni tiẹ̀." Arúgbó náà yíjú sí bàbá. "Kẹ́ ẹ wọ́n omi sí ìdí ewé lálẹ́. Ẹ má tan iná sí i lójú o. Tẹ́ ẹ bá tan iná, ilé ló máa sá wọ̀."

Wọ́n gbé ìkòkò òdòdó kan pẹ̀lú ìgbín ẹ̀ sójú fèrèsé. Ilẹ̀ ṣú. Alága wọ́n omi fúnra ẹ̀, ó da púpọ̀ sílẹ̀, wọ́n gé kùkúmbà pẹlẹbẹ sí ìdí ewé. Ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ojú lé ìkòkò. Iná orí tábìlì ń tàn. Ìgbín ò jáde.

"Kí ló dé?"

"Iná," Kòsọ̀rọ̀ ní.

Ó ní kí òun pa á, ó ti na ọwọ́, ló bá fà á padà. Kò fẹ́ tún ti ọmọ wọ ojúlé tí ò mọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sórí itan ẹ̀, ó dákẹ́, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo nǹkan lọ. Alága wo ìgbín. Ó wo iná. Ó wo ìgbín.

Ó ní, "Ṣé torí mi ni ò ṣe lè jáde?"

"Ó lè dúró dè ẹ́. Kì í kánjú."

Ọmọ náà mí. Ó ra bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó na ọwọ́ kejì, ó sì fi ìka ara ẹ̀ pa iná.

Òkùnkùn dé. Kòsọ̀rọ̀ gbọ́ bí èémí ọmọ ṣe ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Kò gbé ohùn sókè. Gbogbo ohun tó ti kọ́ nínú àṣìṣe ẹ̀ ló kó síbẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ kéékèèké. Ó ń pa dà sórí ọ̀rọ̀ kan náà, kí ọmọ lè mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Kò bi í ní ìbéèrè kankan, torí ìbéèrè máa ń jí ọmọ ni. Bó ṣe ń lọ, ó ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ó ń mí láàárín wọn, títí èémí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé tiẹ̀.

"Ìgbín kan wà lójú fèrèsé Alága. Lọ́sàn-án, oòrùn mú. Ìgbín wọlé, ó tilẹ̀kùn, ó sùn.

"Ilẹ̀ ṣú. Òkùnkùn dé. Òkùnkùn tutù. Ìgbín ṣílẹ̀kùn. Ó yọ ìwo kan, ó yọ ìwo kejì. Ó ní, Òkùnkùn, o káàbọ̀.

"Ó rìn jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́. Ilé ẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó kan ewé. Ewé tutù. Ó ní, Ewé, mo kí ọ o.

"Ó rìn jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́. Ilé ẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó kan fèrèsé. Ó gbóòórùn Alága lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, Ẹni mi wà níbẹ̀.

"Ìgbín ò sùn. Ìgbín ló ń ṣọ́ òru. Alága lè sùn. Ìgbín ń rìn, jẹ́ẹ́. Jẹ́ẹ́. Jẹ́ẹ́."

Ìtàn parí. Láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó kéré débi pé èémí líle lè bò ó mọ́lẹ̀. Kírrr. Ó sinmi. Kírrr. Ahọ́n ìgbín kún fún eyín wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí, ó sì ń fi í ra kùkúmbà bí Kòsọ̀rọ̀ ṣe ń fi sáńdípépà ra igi.

"Bàbá," ọmọ náà sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ó ń jẹun."

"Ẹn-ẹ́n."

"Nínú òkùnkùn."

"Ẹn-ẹ́n."

Wọ́n jọ gbọ́ ọ. Ọwọ́ tó di ọwọ́ Kòsọ̀rọ̀ mú ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá, ó jábọ́. Ọkùnrin náà ò lè dìde. Ó jókòó síbẹ̀, inú ẹ̀ dùn, orí ẹ̀ wú bí ẹni tó ṣe àga fún ọba.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó tún sọ ọ́. Ó ṣèèṣì ní ìgbín kan fèrèsé kó tó kan ewé, Alága dá a dúró, ó ní ewé ló kọ́kọ́ kàn, bàbá ẹ̀ tún un sọ. Ó fi iná sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ ló pa á. Kò dé ibi "Ẹni mi wà níbẹ̀" tí ọmọ fi sùn.

Ilẹ̀ Fúráìdè mọ́. Agbẹ̀bí wọlé pẹ̀lú àárẹ̀, ó ti mọ ohun tó fẹ́ lọ sọ fún wọn, ó ti pinnu lọ́nà. Ó rí ìlà kan tó ń dán láti ìkòkò títí dé etí fèrèsé. Alága dúró níbẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ni ilé.

"Màmá, ẹ gbóòórùn ẹ̀."

Agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀. "Kò rùn."

"Ẹn-ẹ́n. Ìgbín gidi ni. Èmi ni mo pa iná fún un."

Ìyá wo bàbá. Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àárẹ̀ ò jẹ́ kó béèrè, ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé apá bo ojú. Ló bá gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré. Ó dúró de kí kọ́tìnì ṣí gbagada.

Kọ́tìnì ló ń padé. Alága di etí ẹ̀ mú, ó ń fà á, ó gun àga kó lè tó o, ó fà á títí iyàrá fi ṣókùnkùn. Ó wá gun bẹ́ẹ̀dì, ó ra màmá ẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Màmá, ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ìgbín kan wà lójú fèrèsé Alága."

Kòsọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ìwo kan, ìwo kejì, ewé kó tó di fèrèsé, ó sì ń fa "jẹ́ẹ́" gùn níbi tó yẹ kó gùn. Nígbà tó dé ibi tí ìtàn bàbá ẹ̀ máa ń parí, kò dúró.

"Ilẹ̀ mọ́. Ìgbín ti ṣiṣẹ́ tán. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rìn jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́, ó délé. Ó fa ìwo kan wọlé, ó fa ìwo kejì wọlé. Ó tilẹ̀kùn. Alága ló ń ṣọ́ ọ̀sán. Ìgbín lè sùn."

Agbẹ̀bí ti sùn. Ó sùn tí ẹnu ẹ̀ ṣí díẹ̀, ó sùn di ọ̀sán, nígbà tó jí, ó wọ bàtà ẹ̀, ó lọ sọ fún wọn pé òun gbà á.

Ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ẹnì kan gbé àga wá kí Kòsọ̀rọ̀ wò ó. Kòsọ̀rọ̀ wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Kò ní "Ó dáa." Ó fa àpótí fún oníbàárà náà, ó ní, "Jókòó kí n sọ fún ẹ ohun tí ọmọ mi ṣe," ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi ìka yọ ìwo kan, ó yọ ìwo kejì, títí onígbàjámọ̀ fi sọdá títì láti wá wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀.